Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ tí ẹgbẹ́ fẹ́ sọ di gbọ̀ngàn àṣà: ohun tó yẹ ká mọ̀ kí a tó gbé òòlù

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn kì í tán nínú ìpàdé wa. Níbi tí mo wà ní Ugbowo, ní ìlú Benin, lẹ́bàá títì tó lọ sí Èkó, bí ẹgbẹ́ bá ti ní owó díẹ̀ nílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé níbo la ti máa rí ilé tiwa tí a ó ti máa ṣe ìpàdé, tí àwọn ọmọ á ti máa kọ́ èdè, tí a ó ti máa lu ìlù láìsí pé aládùúgbò ń bínú. Ilẹ̀ sì ti wọ́n. Ìdí nìyí tí ojú àwọn kan fi ń lọ síbi ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti kú: ilé ìlagẹdú, ilé rọ́bà, ilé búrẹ́dì ńlá, àwọn ilé gbọọrọ onípáànù tí ẹ̀rọ inú wọn ti dákẹ́ láti ọdún gbọọrọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á rà á, wọ́n á wó o, wọ́n á tún kọ́ òmíràn. Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà, ìyẹn ni kí a fi ilé náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a kàn fún un ní iṣẹ́ tuntun. Àpilẹ̀kọ yìí dá lé ọ̀nà kejì yẹn. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: báwo la ṣe máa gbé iná, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti afẹ́fẹ́ wọ inú ilé tí wọn kò kọ́ fún èrò, láìba ilé náà jẹ́? Ọjà ohun èlò omi àti iná ni mò ń tà, mo sì ti rí i pé ibẹ̀ gan-an ni owó ẹgbẹ́ ti máa ń rì.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù: ilé iṣẹ́ àgbá ní São Paulo

N kò rí èyí tó kún ju ti SESC Pompéia lọ, ní ìlú São Paulo lórílẹ̀-èdè Brazil. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa oníṣòwò, torí SESC jẹ́ àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1946 fún ìgbádùn àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka òwò, tó sì jẹ́ pé owó tí àwọn ilé òwò ń san lórí owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ń gbé e ró.

Ọdún 1938 ni wọ́n kọ́ ilé náà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àgbá ni. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fìríìjì. Ní ọdún 1971, SESC rà á. Ohun tó wà lọ́kàn wọn nígbà yẹn ni pé kí wọ́n wó o kí wọ́n sì kọ́ ilé tuntun. Kí wọ́n tó ráyè ṣe é, wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn àdúgbò máa lò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1976 ni wọ́n pe Lina Bo Bardi, obìnrin ayàwòrán ilé kan tí wọ́n bí ní Róòmù ní ọdún 1914, tó ti ń gbé Brazil láti ọdún 1946.

Nígbà tí obìnrin yìí kọ́kọ́ lọ, ilé òfìfo ló rí. Ó tún padà lọ ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wá rí i pé ilé náà kò ṣófo rárá. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri, àwọn ìyá ń dáná ẹran, àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ páànù tó ń jò. Ó ní gbogbo ayọ̀ yìí kò gbọdọ̀ parẹ́. Bí iṣẹ́ náà ṣe yí padà nìyẹn. Kò sọ̀rọ̀ nípa ilé ẹlẹ́wà, ohun tí àwọn èèyàn ti ń ṣe níbẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ó wá ń wá bí ilé náà ṣe máa gbà á.

Ó tún yẹ ara ilé náà wò. Ó rí i pé òpó àti igi àjà kọnkéré onírin ló gbé e dúró, oríṣi tí wọ́n fi orúkọ ará Faransé kan, Hennebique, pè, ọ̀kan lára àwọn irú ìkọ́lé kọnkéré tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ láyé. Ó ní kí wọ́n fi iyanrìn tí ẹ̀rọ ń fẹ́ bó ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kúrò, kí bíríkì àti kọnkéré lè hàn síta. Ó kó ọ́fíìsì rẹ̀ wá sínú ọgbà náà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977. Wọ́n ṣí apá ilé àtijọ́ ní ọdún 1982, wọ́n sì ṣí apá eré ìdárayá ní ọdún 1986.

Ohun mẹ́ta ló ṣe níbẹ̀ tó yẹ kí àwa náà kọ́.

Àkọ́kọ́, kò gún ilé àtijọ́ náà lára. Ibi ìkàwé tó fẹ́, kò so ó mọ́ ògiri. Ó kọ́ àwọn pèpéle kọnkéré tó dá dúró sínú ilé náà, bí ìgbà tí èèyàn gbé àga ńlá sínú yàrá. Yàrá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà, ògiri búlọ́ọ̀kù kúkúrú tí kò dé òkè ló fi pín wọn, tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ wọ́n lọ́la, ilé àtijọ́ á ṣì wà bó ṣe wà.

Ìkejì, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ lò kó tó lo iná. Ó fi àwọn kan tó jẹ́ díńgí rọ́pò díẹ̀ lára àwọn awẹ́ amọ̀ tó bo òrùlé, ọ̀sán sì ń wọlé láìsan owó iná.

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tó wúwo, tó ga, tó sì nílò páìpù púpọ̀ bíi ibi ìwẹ̀ àti gbọ̀ngàn eré ìdárayá, kò fi agbára kì í bọ inú ilé àtijọ́. Ó kọ́ ilé gíga tuntun méjì fún un lẹ́yìn. Odò kékeré kan tí wọ́n ti dà bò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Omi Dúdú lédè wọn, gba abẹ́ ilẹ̀ náà kọjá, òfin kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé lé e. Dípò kó bá omi jà, ó fi ilé kan sí apá ọ̀tún, ó fi èkejì sí apá òsì, ó sì fi afárá kọnkéré so wọ́n pọ̀ lókè. Orí odò náà, pákó ló tẹ́ síbẹ̀ tí àwọn èèyàn ń dùbúlẹ̀ yá oòrùn lé.

Kí n fi kún un pé lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, obìnrin kan náà ló ṣe Casa do Benin ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia tí àtọmọdọ́mọ Yorùbá pọ̀ sí. Ilé àtijọ́ ló tún sọ di ibi àṣà níbẹ̀ náà. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbọ́ o: Benin tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni orílẹ̀-èdè Benin tí Kútọnu àti Ìdásà wà, kì í ṣe ìlú Benin tí Ọba Ẹ̀dó wà.

Èyí tó sún mọ́ wa

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó wà ní Tamale lápá àríwá Ghana. Níbẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn ìkóúnjẹ-pamọ́ gìrìwò kan nígbà ayé Kwame Nkrumah, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dúró nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966. Oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Ibrahim Mahama ló ra ọ̀kan, ó sì sọ ọ́ di ibi àṣà tí wọ́n ń pè ní Nkrumah Voli-ni. Àwọn àdán ti fi inú rẹ̀ ṣe ilé. Kò lé wọn. Ó ní àwọn náà wà lára ìtàn ilé náà. Àwọn àgbà wa kò lè gbàgbé Tamale, torí pé àwọn Yorùbá oníṣòwò pọ̀ níbẹ̀ kí àṣẹ ìjọba Ghana tó lé wọn jáde ní òpin ọdún 1969. Ọ̀pọ̀ ló fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyẹn á mọ̀ pé ilé tí àlejò ní nílẹ̀ onílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíríkì nìkan, màá sì padà sórí ìyẹn.

Ní Èkó, Freedom Park wà ní Broad Street, tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó tẹ́lẹ̀. Ayàwòrán ilé Theo Lawson ló yàwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2010. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ló wà ńbẹ̀: ìrísí àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n kò parẹ́, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn sì di ibi tí wọ́n ti ń ṣeré.

Kí a tó san owó: ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nínú òjò

Ká ní ẹgbẹ́ kan rí ilé ìlagẹdú àtijọ́ kan tó gùn ní mítà 30, tó sì fẹ̀ ní mítà 20. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń lọ wò ó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ẹni tó ń tà á. Ẹ lọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ gbé ẹnjiníà ìkọ́lé dání, kó má jẹ́ bíríkìlà nìkan.

Ibi àkọ́kọ́ láti wò ni ibi tí irin òrùlé ti jókòó lé ògiri. Ewé àti ìdọ̀tí máa ń kó síbẹ̀, omi á dúró, irin á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú kò rí. Bí wọ́n bá fi òòlù kékeré kàn án tí ìpẹ́pẹ́ bá ń jábọ́ bí èèpo igi, irin yẹn ti ń kú. Bí àárín irin bá mọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ, ilé náà kò tíì dáa, torí ẹsẹ̀ ló gbé e ró.

Ibi kejì ni ìlà tó bá là sára ògiri. Kí a rí ìlà kò burú, bóyá ó ṣì ń là ni ìbéèrè. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí òpin rẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ lẹ díńgí pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ọn lórí ní ìdábùú. Tí díńgí bá fọ́, tàbí tí ìlà bá kọjá àmì kí òjò ọdún kan tó tán, ìpìlẹ̀ ń sọ̀ nìyẹn. Ẹ má ra á lówó ilé, owó ilẹ̀ lásán ni kí ẹ ná an.

Ibi kẹta ni páànù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n fi páànù aláwọ̀ eérú, èyí tó nípọn tó sì tètè ń sán, bò. Nínú irú àwọn tó ti pẹ́, wọ́n po ásbẹ́sítọ́ọ̀sì mọ́ sìmẹ́ńtì. Eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa àìsàn tó lè máà hàn títí di ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú lásán kò lè sọ bóyá ó wà níbẹ̀, ilé àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́. Tí ẹ kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣe bíi pé ó wà níbẹ̀: ẹ má dá a lu, ẹ má gé e, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Tó bá ṣì lágbára tí kò sì sán, kí a fi í sílẹ̀ kí a má fọwọ́ kàn án sàn ju kí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ gun òkè lọ máa fọ́ ọ sílẹ̀. Tó bá di dandan kó kúrò, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tú u ní odindi, kí wọ́n fi ọ̀rá nípọn dì í. Páànù jíjò tí ẹni tó ń tà á ń pè ní nǹkan kékeré lè gbé ìdá ńlá nínú owó yín.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ náà. Ẹ máa rí àwọn òkìtì kọnkéré níbi tí ẹ̀rọ jókòó lé. Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí wọ́n fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀, ìpìlẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ tó ń mì ní gbogbo ọjọ́ á gbé àwọn onílù àti eléégún dáadáa, pèpéle yín nìyẹn. Ibi tí epo ẹ̀rọ ti rin sínú kọnkéré, táìsì kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Á máa ṣí lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ gé ojú ibẹ̀ kúrò kí ẹ tún un dà, tàbí kí ẹ fi kọnkéré náà sílẹ̀ láìbò ó.

Omi òjò

Ilé tí a sọ yìí ní òrùlé mítà onígun mẹ́rin 600. Òjò Benin kì í ṣe òjò eré, nǹkan bí 2,000 mìlímítà ló ń rọ̀ lọ́dún. Bí òjò kan bá rọ̀ tó 50 mìlímítà, ẹ fi 600 lu 0.05, ẹ máa rí mítà onígun mẹ́fà 30, ìyẹn lítà 30,000. Tánkì ńlá onílítà 10,000 mẹ́ta nìyẹn, láti orí òrùlé kan, nínú òjò kan ṣoṣo. Ìdajì rẹ̀ á bọ́ sí ọ̀tún, ìdajì sí òsì.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, ó ní gọ́tà tó ń gbé omi yìí lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà gọ́tà náà ṣì wà lábẹ́ erùpẹ̀. Ẹ wá a, ẹ wa a síta, ẹ tẹ̀ lé e títí dé ibi tó parí sí. Ní Pompéia, ọ̀nà omi wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì àárín ọgbà náà títí di òní. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé ẹgbẹ́ á fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo ọgbà kó lè dáa fún àríyá, wọ́n á dí gọ́tà àtijọ́ pa, omi á sì ya lu ilé aládùúgbò tàbí kó máa jẹ ìdí ògiri. Ilẹ̀ pupa Benin kì í gba irú rẹ̀: ẹni tó bá mọ Ugbowo mọ kòtò ọ̀gbàrá dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ti ń jẹ lábẹ́ ìdí ògiri, ẹjọ́ ti dé nìyẹn.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Ilé iṣẹ́ tí ogún òṣìṣẹ́ ń lò lè ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì. Gbọ̀ngàn tí 300 èèyàn ń bọ̀ ní ọjọ́ ìkómọ kò lè fi méjì ṣe é. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ kẹta ti Lina Bo Bardi ti wúlò jù. Ẹ má wá igun kan nínú gbọ̀ngàn tí ẹ ó fọ́ ilẹ̀ rẹ̀ tí ẹ ó ri páìpù mọ́. Ẹ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ẹ̀yìn, kó dá dúró, kí ọ̀nà onípáànù so ó mọ́ ilé ńlá.

Páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ onínṣì 4 gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ bó ṣe ń lọ. Bí ó bá gùn ní mítà 12 láti ibi ìgbọ̀nsẹ̀ dé sókàwéè, kí òpin rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Tó bá tẹ́jú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdọ̀tí á dúró. Ẹ ó máa pe ẹni tó ń tú u lẹ́yìn gbogbo àríyá. Kí sókàwéè jìnnà sí kànga ẹ̀rọ ní mítà 30 ó kéré tán, kó má sì sún mọ́ ìdí ògiri àtijọ́, torí omi tó ń sun jáde nínú rẹ̀ máa ń mú kí ilẹ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀ rọ̀.

Iná àti afẹ́fẹ́

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lójú ọjà ni pé oníṣẹ́ iná á ní kí a ra páìpù wáyà tí wọ́n ń rì sínú ògiri. Ó tumọ̀ sí pé wọ́n á fi ṣísùlù gbẹ́ ògiri àtijọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Nínú ògiri bíríkì, èyí ń já ojú bíríkì, kò sì ṣe é tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí wáyà gba ojú ògiri nínú páìpù irin tàbí ti rọ́bà líle, kó tò gbọọrọ lókè, kí ẹ sì fi ìkọ́ dè é mọ́ sìmẹ́ńtì tó wà láàárín bíríkì, kì í ṣe mọ́ bíríkì fúnra rẹ̀. Ihò tó bá wà nínú sìmẹ́ńtì ṣe é dí lọ́la. Ilé iṣẹ́ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó burú tí páìpù bá hàn síta. Àǹfààní mìíràn ni pé bí wáyà bá jó, ẹ máa rí i, ẹ ó sì tètè dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Fáànù 24 tó ń jẹ wáàtì 75 jẹ́ 1,800. Gílóòbù 40 tó ń jẹ wáàtì 20 jẹ́ 800. Ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè, ká fi í sí 2,000. Fìríìjì méjì, 600. Ẹ̀rọ tó ń fa omi, 750. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 5,950. Ẹ pín in sí 0.8, ó ń lọ sí kéfíéè 7.4. Torí pé ẹ̀rọ omi àti fìríìjì máa ń fa iná púpọ̀ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, jẹnẹrétọ̀ kéfíéè 10 ló yẹ.

Nísinsìnyí, ká ní ìgbìmọ̀ ní àwọn fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà tó ń jẹ wáàtì 1,500. Ìyẹn fi 9,000 kún un, ó di 14,950, kéfíéè 19 ni kí a tó sọ ti ìgbéra. Kéfíéè 25 ni ẹ ó rà, ẹ ó sì máa da epo sí i ní gbogbo ìgbà. Kò tán síbẹ̀. Kí òtútù má baà sálọ, wọ́n á dí àwọn ojú fèrèsé òkè, wọ́n á fi píòpí bo irin òrùlé, ilé iṣẹ́ náà á parẹ́ lójú. Bí òrùlé bá wá jò sórí píòpí yẹn, ẹ kò ní mọ̀ títí tí yóò fi já lulẹ̀.

Àwọn tó kọ́ ilé náà ti bá yín yanjú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ilé ìlagẹdú gbóná, eruku pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé òrùlé sókè tí wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba òkè jáde, tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ẹ ṣí àwọn àlàfo náà padà, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i torí ẹyẹ, ẹ fi fáànù kún un. Ẹ ṣọ́ra níbì kan o: ẹ má gbé fáànù 24 kọ́ sórí irin àtijọ́ tí ẹnjiníà kò tíì sọ bó ṣe lágbára tó. Fáànù onídùúró, tàbí òpó irin tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ni ó dára jù.

Ohun kan tí àlàfo yìí kò lè yanjú ni ariwo. Bí òjò bá rọ̀ sórí páànù, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọ lédè. Ẹ kọ́ yàrá kékeré méjì tó ní àjà tirẹ̀ sínú ilé náà fún kíláàsì àti ìkàwé, kó dá dúró, kó má kan ògiri. Gbọ̀ngàn ńlá á kù fún ijó.

Sìmẹ́ńtì tó ń pa bíríkì

Bí ògiri bá jẹ́ bíríkì àtijọ́ tí wọ́n fi ẹfun tàbí amọ̀ mọ, ẹ má ṣe fi sìmẹ́ńtì líle rẹ́ ẹ. Bíríkì máa ń mí. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ á gba ojú rẹ̀ jáde. Bí sìmẹ́ńtì bá dí ojú yẹn, omi á há sínú, ojú bíríkì á máa rà. Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ fi ìka ọwọ́ kan ojú ògiri tí wọ́n ti rẹ́. Tó bá ń dún bí àgbá òfìfo, ó ti yọ lára bíríkì. Ẹ bó o, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ fún oṣù mélòó kan, ẹ fi bíríkì sílẹ̀ kó hàn bí wọ́n ṣe ṣe ní Pompéia. Kí ẹ má fi ẹ̀rọ afẹ́yanrìn bó bíríkì tó rọ̀ o. Èèpo líle òde rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ẹ dán an wò níbi kékeré kan tí ojú kò sí.

Ìwé àti onílẹ̀

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, nítorí náà ìwé tí ẹbí onílẹ̀ fọwọ́ sí nìkan kò tó, àṣẹ gómìnà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èkejì, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ di gbọ̀ngàn èrò ti yí ìlò padà. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìyípadà ìlò lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó ètò ìlú ní ìpínlẹ̀ tí ẹ wà, kí ẹ sì rí i pé ilẹ̀kùn tó pọ̀ tó wà, tó ń ṣí síta, torí ewu iná. Ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ tó ń fà lọ fà bọ̀ dáa láti fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìtàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan ni ọ̀nà àbáyọ.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ tí mo ní màá padà sí. Ilé iṣẹ́ yẹn, àwọn ọmọ Ẹ̀dó ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jù. Baba ẹlòmíràn ti pàdánù ìka níbi ayùn rẹ̀. Owó oṣù ibẹ̀ ni wọ́n fi rán ẹlòmíràn níléèwé. Bí a bá rà á tí a sì pa gbogbo àmì yẹn rẹ́, tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa gàdàgbà sí i, ilé àlejò ni yóò máa jẹ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ lára ògiri, tí a gbé ayùn ńlá kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, tí a bèèrè ìtàn lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣì wà láyé, tí àwọn aládùúgbò sì lè lo gbọ̀ngàn náà fún ìnáwó tiwọn, àwọn gan-an ni yóò máa ṣọ́ ọ fún wa. Àwọn tó kúrò ní Ghana ní ọdún 1969 mọ bí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ti wúlò tó.

Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló yẹ ní sísọ dọ̀tun o. Bí ìpìlẹ̀ bá ń sọ̀, bí ẹsẹ̀ irin òrùlé bá ti jẹ yíká, tàbí bí ilẹ̀ bá ti mu èròjà olóró tí wọ́n lò níbẹ̀, bí oògùn ìpakòkòrò igi, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá òmíràn. Ṣùgbọ́n tí ìlà ògiri kò bá kọjá àmì pẹ́ńsù lẹ́yìn òjò ọdún kan, tí gọ́tà àtijọ́ ṣì ń gbé omi lọ, tí ẹ sì rí ibi fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí lóde, ẹ ti ní gbọ̀ngàn. Iṣẹ́ tó kù ni kí ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ilé tó jẹ́.